Ohun Tí Oníbàárà Ọṣẹ Ń Tẹ̀ sí Àpótí Ìwárí

Ká sọ pé ìyálọ́jà kan wà ní Peckham, ní ìlú London, tó ń ta ọṣẹ dúdú alátọwọ́dá lórí Etsy. Àkọlé tó fún ọjà rẹ̀ ni "Authentic Handcrafted Yoruba Heritage Cleanser". Àkọlé náà dùn-ún gbọ́, irọ́ kankan ò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ojú rẹ̀ á máa dán fún òróró, tó máa mú fóònù, tó máa tẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀? "African black soap" ni onítọ̀hún máa tẹ̀, ọjà ìyálọ́jà yìí kò sì ní yọ sí i.

Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀ láti mọ ohun tí àwọn tó ń rajà ń tẹ̀. Kí ìyálọ́jà wa kọ́kọ́ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ lórí bíráúsà rẹ̀, kí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti wá tẹ́lẹ̀ má baà da èsì rú. Kó lọ sí Google, kó tẹ "african black soap", kó fi àlàfo kan sí i, kó sì dúró. Ìlà mélòó kan á yọ nísàlẹ̀. Inú ohun tí àwọn èèyàn ti ń wá ni Google ti ń ṣa àwọn ìlà wọ̀nyẹn jọ. Kó wá fi lẹ́tà "a" sí i, kó wo ohun tó yọ, kó pa á rẹ́, kó fi "b" dípò, títí dé "z". Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ìwárí Etsy. Ẹni tó ń wá nǹkan ní Google lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn fẹ́ mọ̀ nípa ọṣẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní Etsy ló ti mú owó dání. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìtún un ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kíka ohun tó kọ sílẹ̀ yẹn. Ìparí gbólóhùn ló sábà máa ń tú àṣírí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ "how to use african black soap" ti ní ọṣẹ nílé. Ẹni tó tẹ "african black soap benefits" ṣì ń ṣèwádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ "raw african black soap" tàbí "black soap for oily skin" mọ ohun tó ń fẹ́, òun sì ni kí ìyálọ́jà náà kọ àkọlé rẹ̀ fún. Eérú èèpo kòkó àti àdín tí wọ́n fi se ọṣẹ náà ṣe pàtàkì, àmọ́ inú àlàyé ọjà ni ipò wọn, nítorí àwọn tó ń se ọṣẹ ló sábà máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá a.

"Ose dudu" ńkọ́? Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ń tẹ̀ ẹ́, láìfi àmì sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì fóònù ṣe rí. Google Trends lè fi í wé "african black soap" ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Kí a má ṣe ṣi nọ́ńbà rẹ̀ kà o: 100 níbẹ̀ kì í ṣe iye èèyàn, ìgbà tí ìwárí pọ̀ jù lọ ló dúró fún. "Ose dudu" á kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, síbẹ̀ ó yẹ kó wà níbẹ̀, torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti mọ ọṣẹ náà látilé.

Etsy gba táàgì 13 fún ọjà kan, lẹ́tà àti àlàfo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ ju 20 lọ. "African black soap" jẹ́ 18, ó wọlé. "Raw african black soap" jẹ́ 22, kò lè wọlé, nítorí náà "raw black soap" ni yóò lò. "Black soap face wash" pé 20 géérégé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí oníbàárà ń tẹ̀ tí ọlọ́jà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. "Dudu Osun" jẹ́ orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ mìíràn. "Black soap for eczema" tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Britain, ọjà tí a bá polówó pé ó ń wo àrùn sàn, oògùn ni òfin kà á sí, abẹ́ MHRA ló sì bọ́ sí. FDA ní Amẹ́ríkà náà ka ọṣẹ tí wọ́n bá ní ó ń wo irorẹ́ tàbí ẹ̀kúsá sí oògùn. Kí ìyálọ́jà fi "oily skin soap" tàbí "dry skin soap" mọ, èyí tó bá bá ọṣẹ rẹ̀ mu nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, kó ṣí ojú ewé Stats lórí Etsy. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó wọ ìsọ̀ rẹ̀ tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń mú èrò wá tí wọn kò rà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ṣèlérí ohun tí ọjà kì í ṣe, bí ẹni fi "liquid black soap" sára ọṣẹ gbígbẹ. Kó yọ ọ́, kó fi òmíràn rọ́pò, kó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kó lè mọ èyí tó mú ìyípadà wá nígbà tó bá tún padà wò ó.