Ọ̀pá Alábala Mẹ́ta: Èwo Ló Nà, Èwo Ló Súnkì?

Fojú inú wo ọ̀pá kan tí wọ́n ri orí rẹ̀ kan mọ́ ògiri, tí kò lè yẹ̀, tí ìyókù nà gbọọrọ síta. Abala mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan. Irin ló kan ògiri. Ó gùn ní 1000 mìlímítà, bí a bá sì gé e, ojú ibi tí a gé jẹ́ 400 mìlímítà onígun mẹ́rin. Idẹ ló tẹ̀ lé e, gígùn rẹ̀ 300, ojú rẹ̀ 300. Alumíníọ̀mù ló wà ní ṣóńṣó, gígùn rẹ̀ 700, ojú rẹ̀ 200.

Ipá mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pá yìí. Wọ́n ń fa ṣóńṣó rẹ̀ síta pẹ̀lú 14 kilonútọ̀n. Ní oríkèé idẹ àti alumíníọ̀mù, wọ́n ń tì í padà sí ògiri pẹ̀lú 44. Ní oríkèé irin àti idẹ, wọ́n tún ń fà á síta pẹ̀lú 70. Kilonútọ̀n mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ẹrù tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Báwo ni ṣóńṣó ọ̀pá yóò ṣe sún tó?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbé 70 fún irin, wọ́n á gbé 44 fún idẹ, bí ẹni pé ẹrù tí a so mọ́ etí abala kan ni abala náà ń rù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú eré fífa okùn, ẹni tó wà láàárín okùn kọ́ ló ń pinnu bí okùn ṣe le tó lẹ́yìn rẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo àwọn tó ń fà láti ibẹ̀ dé ìparí ni. Bákan náà ni abala ọ̀pá ṣe ń gba ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ògiri.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí a fi ọkàn gé ọ̀pá náà, kí a sì ka gbogbo ipá tó wà láti ojú ibi tí a gé dé ṣóńṣó. Bí a bá gé alumíníọ̀mù, 14 nìkan ni a ó rí: ó ń nà. Bí a bá gé idẹ, a ó rí 14 síta àti 44 sínú. Ó ku 30 tó ń tẹ̀ ẹ́. Bí a bá gé irin, 70 tún wọlé, ó wá di 40 síta. Èyí náà ni ògiri gbọ́dọ̀ fi dì í mú.

Robert Hooke ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1678 pé bí ipá bá ṣe pọ̀ tó ni nínà ṣe ń pọ̀ tó. Fún abala kọ̀ọ̀kan, a ó fi gígùn sọ ipá di púpọ̀, a ó sì fi ojú ọ̀pá àti líle ohun tí a fi ṣe é pín in:

δ = N × L ÷ (A × E)

Líle yìí, E, tí wọ́n ń fi orúkọ Thomas Young pè, jẹ́ nǹkan bí 200,000 nútọ̀n lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan fún irin, 100,000 fún idẹ, 70,000 fún alumíníọ̀mù. Irin yóò nà ní 0.5 mìlímítà, idẹ yóò súnkì ní 0.3, alumíníọ̀mù yóò nà ní 0.7. Ṣóńṣó yóò sún síta ní 0.9. Ẹni tó gba ọ̀nà òdì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò rí 1.135.

Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni oríkèé tí wọ́n ń tì sínú. Ìtẹ̀ ni idẹ ń jẹ, síbẹ̀ oríkèé náà sún síta ní 0.2, nítorí irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ síwájú ní 0.5 kí idẹ tó dá 0.3 padà. Súnkì abala kan yàtọ̀ sí ibi tí etí rẹ̀ lọ.

Bí ọkàn ẹ kò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ipá kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lóun nìkan. 14 yóò na gbogbo ọ̀pá ní 1.015, 44 yóò tì í padà ní 0.99, 70 yóò nà án ní 0.875. Àròpọ̀ rẹ̀ padà jẹ́ 0.9.

Ìṣirò yìí ní ààlà. Kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bí ipá bá ti kọjá ibi tí ohun náà ti lè padà sípò. Létí oríkèé níbi tí ọ̀pá ti kéré lójijì, wàhálà máa ń kó jọ sójú kan, ibẹ̀ ni sísán sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí nínà gbogbo ọ̀pá kò tilẹ̀ yí padà púpọ̀. Idẹ tí wọ́n ń tẹ̀ náà, ká ní ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tẹ̀ kọrọdọ kí ó tó súnkì tán.

Ooru wá ni èyí tí àwọn tó ń wọn nǹkan gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná ní ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì mẹ́wàá péré láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, ọ̀pá yìí yóò gùn sí i ní nǹkan bí 0.34 mìlímítà láìsí ẹni tó fà á. Ẹni tó wọn ọ̀pá lówùúrọ̀ kí wọ́n tó so ẹrù, tó sì tún un wọ̀n lọ́sàn-án, yóò rí 1.24 dípò 0.9, yóò sì máa wá àṣìṣe nínú ìṣirò tí kò ní àṣìṣe.