Kókó inú ímeèlì: bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bára mu

Kókó, nínú ímeèlì iṣẹ́, ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, tí àmì róbótó tàbí nọ́ḿbà sì ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń to kókó ní èdè Yorùbá yóò bá ìṣòro kan pàdé tí ẹni tí ó ń tò ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà bá pàdé. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì lè gé olùwà kúrò níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì tún máa fi hàn pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò. Bí wọ́n bá gé olùwà rẹ̀, gbólóhùn àṣẹ ni yóò kù. Ìròyìn ni *A san owó*. Àṣẹ ni *San owó*.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ hàn. Kí a sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kan kọ ímeèlì sí alága, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akápò. Lábẹ́ àkọlé «Ayẹyẹ ìparí ọdún», kókó márùn-ún ni ó tò:

• Gbígba gbọ̀ngàn
• San ìdajì owó àga, ₦40,000
• A pín ìwé ìpè
• Ẹni tí yóò ya àwòrán
• Ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa iná

Akọ̀wé ti san owó àga náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni «a ti san», ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrú ni. Akápò, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti akọ̀wé, rí *San* láìsí *Ẹ*, ó sì gbà pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó san ₦40,000 mìíràn fún ẹni tí ó ni àga. Alága ní tirẹ̀ ka ìlà kan náà, ó rò ó pé òun ni wọ́n ń pàṣẹ fún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ìlà karùn-ún ó bá *Ẹ* níbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá *Ẹ* ti ọ̀wọ̀ ni, tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tàbí *Ẹ* ti ọ̀pọ̀, tí ó kan òun àti akápò pa pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, nítorí pé oníkálukú yóò fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì.

Àìbáramu ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ìlà kìíní jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n fi àpètúnpè ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe *gbà*. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní àsìkò nínú: *gbígba gbọ̀ngàn* lè jẹ́ iṣẹ́ tí ó ti parí, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáwọ́ lé. Ìdí nìyí tí ó fi bá ìwé ètò ìpàdé mu, níbi tí *kíka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá* àti *yíyan àwọn olóyè tuntun* ti ń tẹ̀ lé ara wọn láìsí ewu, nítorí pé ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Nínú ìròyìn iṣẹ́, ohun tí òǹkàwé ń wá gan-an ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń fi pamọ́.

Bí akọ̀wé náà bá tún ímeèlì rẹ̀ kọ, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe ni pípín àwọn kókó sí abẹ́ àkọlé gẹ́gẹ́ bí ipò tí iṣẹ́ wà, kí ó sì fún ẹgbẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan ní ìhun kan ṣoṣo:

Ohun tí a ti ṣe
• A ti gba gbọ̀ngàn ilé-ìwé.
• A ti san ìdajì owó àga, ₦40,000.
• A ti pín ìwé ìpè fún àwọn òbí.

Ohun tí a kò tíì ṣe
• A kò tíì rí ẹni tí yóò ya àwòrán.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún
• Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa iná.

Àwọn kan yóò fẹ́ kọ *A ti* lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sókè, kí *gba*, *san* àti *pín* sì máa tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Gírámà kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ń sáré kì í dúró lórí àkọlé; ìlà tí ó wù ú ni ó ń bọ́ sí, *San* yóò sì tún di àṣẹ. Ó sàn kí akọ̀wé tún *A ti* kọ ní ìgbà mẹ́ta. Àtúnsọ kì í ṣe àbùkù nínú Yorùbá, àwọn òbí tí ó ń ka ímeèlì náà kò sì ní rí i bí àbùkù.

Ìdí tí *ti* fi sàn ju *A san* lásán lọ tún wà. Nínú àsìkò tí àwọn onígírámà ń pè ní afànámónìí, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ nípa ìgbésẹ̀ máa ń tọ́ka sí àná, èyí tí ó ń sọ nípa ipò a sì máa tọ́ka sí òní. *A san owó* ti kọjá. *A nílò àga 200* ṣì wà títí di ìsinsìnyí. Bí méjèèjì bá wà lábẹ́ àkọlé kan, ìrísí wọn yóò jọra, àsìkò wọn yóò sì yàtọ̀. *Ti*, tí í ṣe àmì ibá àṣetán, ló ń fi ìparí iṣẹ́ hàn kedere. Bákan náà, bí ìlà kan bá jẹ́ *A pín* tí èkejì sì jẹ́ *A ti gbà*, òǹkàwé lè máa wá ìyàtọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ìyísódì ni ó máa ń tú àṣírí àìbáramu jùlọ, nítorí pé ibá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. *A ti rí* di *A kò tíì rí*. *A óò rí* di *A kò ní rí*. *Ẹ lọ* di *Ẹ má lọ*. *A ń wá ayàwòrán* ni ó le díẹ̀: *ń* máa ń pòórá nínú ìyísódì, *A kò wá ayàwòrán* sì lè túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ kò wá a rí tàbí pé kò sí lẹ́nu wíwá a báyìí. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àfikún bí *mọ́* tàbí *lọ́wọ́lọ́wọ́* di dandan. Akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìbáramu kọ *A ti rí ayàwòrán* nígbà tí wíwá ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kí ó gbé ìlà náà lọ sí abẹ́ àkọlé mìíràn.

Ẹni tí ó bá yan ọ̀rọ̀-orúkọ fún gbogbo kókó rẹ̀ yóò fi *àì-* yí i sódì: *sísan owó àga*, *àìsan owó àga*. Kí ó má gbàgbé àmì ohùn o. Lórí fóònù tí kò ní àmì, *aisan* ni ìlà náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, òǹkàwé yóò sì kọ́kọ́ rò pé ara ẹnì kan ni kò yá.