Ìkúnlẹ̀ Ọkọ Ìyàwó: Láti Ààfin Ilẹ̀ Faransé Dé Fẹ́sítáàkì

Ẹni tó bá ń gbé Fẹ́sítáàkì tàbí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lóde òní yóò ti rí i rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fi orúnkún kan kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin, yóò na òrùka sí i, àwọn ọ̀rẹ́ wọn yóò sì hó yèè. Níbi ìdána kan tí a lọ láìpẹ́ yìí, wọ́n fi fọ́nrán irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ han àwọn àlejò. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá rọra bi wá léèrè pé, "Ẹ̀yin Bàbá Alùfáà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ yìí ṣẹ̀ tó fi ń kúnlẹ̀ báyìí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Nínú àṣà tiwa, iwájú àwọn àna ni ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kì í ṣe iwájú ìyàwó. Níbo wá ni ìkúnlẹ̀ yìí ti wá?

Gúúsù ilẹ̀ Faransé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1100. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ogun abẹ́ ìjòyè ńlá kan yóò ṣí fìlà, yóò bọ́ idà sílẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò sì pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sáàárín ọwọ́ ìjòyè náà. Yóò ní òun di ènìyàn rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ìjúbà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ogun àti ilẹ̀ ni, kò kan obìnrin. Àwọn akéwì ààfin ni wọ́n gbé e kúrò níwájú ìjòyè lọ síwájú obìnrin. Èyí tí orin rẹ̀ pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣẹ́ kù fún wa ni ti William Kẹsàn-án, ìjòyè ńlá ilẹ̀ Akuitéènì, tó kú ní ọdún 1126. Nínú orin àwọn akéwì wọ̀nyí, orúkọ tí olólùfẹ́ fi ń pe obìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí ni "mídọ́ǹsì", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "olúwa mi", bí ẹni ń pe ìjòyè ọkùnrin. Wọ́n pe ìfẹ́ náà ní ìfẹ́ tí a yọ́ mọ́, bí a ti ń yọ́ wúrà nínú iná. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, ìfẹ́ ààfin, ọdún 1883 ni ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Gaston Paris, sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo onímọ̀ ń lò.

Kí ni ó mú kí irú ìfẹ́ yìí hù níbẹ̀? Láàárín àwọn ọlọ́lá ìgbà náà, ilẹ̀ ni ìgbéyàwó wà fún. Eleanor, ọmọ ọmọ William yìí, fẹ́ ọba Faransé ní ọdún 1137. Nígbà tí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká ní ọdún 1152, kò pé oṣù mélòó kan tó fi fẹ́ ẹni tó di ọba Ìlú Ọba, gbogbo ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sì bá a lọ. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ àdéhùn ilẹ̀, ọkàn yóò wá ibòmíràn gbà. Nínú ààfin bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹ́ṣin tí kò ní ilẹ̀ pọ̀, obìnrin ọlọ́lá kan ni gbogbo wọn sì ń wò lókè. Wọn kò lè fẹ́ ẹ. Orin àárò nìkan ni wọ́n lè kọ sí i.

Ìtàn kan fi bí ìfọkànsìn yìí ṣe le tó hàn wá. Marie, ọmọ Eleanor, ni ó fún òǹkọ̀wé Chrétien de Troyes ní kókó rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1180. Ọ̀tá jí ayaba Guinevere gbé. Lancelot, akọni tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ń wá a kiri, ẹṣin rẹ̀ sì kú. Ó pàdé aràrá kan tó ń da kẹ̀kẹ́ ẹrù. Aràrá náà ní bí ó bá fẹ́ gbúròó ayaba, kí ó gun kẹ̀kẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ọ̀daràn kiri ìlú ni. Ẹni tó bá gùn ún ti di ẹni ẹ̀tẹ́. Lancelot rin ìṣísẹ̀ méjì kó tó gùn ún. Ó la ìyà kọjá, ó sì bá ayaba, ṣùgbọ́n ayaba mú ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ìdí rẹ̀ fún un: ìṣísẹ̀ méjì tí ó fi ṣiyèméjì ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé aya ọba tí Lancelot fúnra rẹ̀ ń sìn ni Guinevere. Ìfọkànsìn tí kò gbọdọ̀ fì ní ìṣísẹ̀ méjì, ẹlòmíràn ló ni ẹni tí a ń ṣe é sí.

Àlùfáà kan, Andreas Capellanus, kọ òfin ìfẹ́ yìí sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1185. Ó ti ẹnu Marie sọ pé ìfẹ́ kò lè sí láàárín tọkọtaya. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí olólùfẹ́ bá fún ara wọn, ọ̀fẹ́ ni, nígbà tó jẹ́ pé gbèsè ni tọkọtaya ń san. Ní apá ìkẹta ìwé náà, Andreas tún yíjú padà, ó bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo rẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń jiyàn bóyá ó ń kọ́ni ni tàbí ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Párísì kò gbà á ní ẹ̀fẹ̀. Ó dẹ́bi fún ìwé náà ní ọdún 1277.

Báwo ni ìfẹ́ tó sá fún ìgbéyàwó ṣe wá di ọ̀nà tí à ń gbà wọ ìgbéyàwó? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọdún 1595, akéwì Gẹ̀ẹ́sì Edmund Spenser tẹ àkójọ ewì kan jáde. Ó fi gbogbo èdè àárò àtijọ́ náà bá ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya sọ̀rọ̀, ó sì fi orin ìgbéyàwó wọn parí ìwé náà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Shakespeare kọ Romeo àti Juliet, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kà ní kíláàsì. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé Rosaline ni Romeo kọ́kọ́ ń sunkún fún, obìnrin tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ kan lójú wa. Olólùfẹ́ ààfin gan-an nìyẹn. Juliet ni ó sọ ọ́ di ọkọ ìyàwó. Ìwé kíkà, orin àti sinimá ni wọ́n gbé ìyókù dé ọ̀dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa nìyí. Àárò inú ìfẹ́ ààfin, jíjìnnà ni oúnjẹ rẹ̀. Odi ààfin, ọkọ obìnrin náà àti àṣírí tí a kò gbọdọ̀ tú ni wọ́n ń kóná mọ́ ọn. Bí a bá gbé irú àárò bẹ́ẹ̀ wọ yàrá kan pẹ̀lú owó ilé, ọmọ tó ń sunkún lóru àti sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Máìlì Kejì, yóò rọlẹ̀, nítorí pé jíjìnnà ti tán. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya ti jókòó níwájú wa, ọdún méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí wọ́n ní ìfẹ́ ti kú. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ohun tó yí padà, kò sí ìyà, kò sí irọ́, kò sí ilé mìíràn. Ọkàn wọn kàn kì í lù kìkì mọ́ nígbà tí fóònù bá dún ni. Àárò ló kú níbẹ̀. Ìfẹ́ kò tíì kú. Ṣùgbọ́n bí irọ́ tàbí ìyà bá wà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, àlàyé yìí kò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ọ̀ràn náà ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n ní bí ọkọ bá ti mojú aya tán, alárinà a yẹ̀ba. Nínú àṣà tiwa, kíkúrò ohun tó wà láàárín ni ìbẹ̀rẹ̀ ilé. Lójú akéwì ààfin, bí ohun tó wà láàárín bá ti kúrò, orin tán.

Èyí kò sọ pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin má kúnlẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjòyè kò kúnlẹ̀ láti fi bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù hàn. Ó ń wọ àdéhùn: yóò sìn, ìjòyè náà yóò sì dáàbò bò ó, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Ìdáhùn tí à bá fún ìyá àgbà ọjọ́ náà nìyẹn: ọmọ náà kò ṣẹ̀, ó ń júbà ni. Kí ó sì rántí láti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀ bí ó bá dìde.