Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Fara Pamọ́ Sínú 52 àti 3

Ṣé o mọ̀ pé bí ìwádìí èrò ará ìlú bá ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣe ti Lágbájá, ìdá 48 ń ṣe ti Tàmẹ̀dù, tí àyè àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 3, kò sẹ́ni tó sọ pé 52 gan-an ni? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ti Lágbájá lè wálẹ̀ dé 49, ó sì lè gòkè dé 55.

Ṣé o mọ iye èèyàn tí wọ́n ní láti bi léèrè kí àyè àṣìṣe tó di 3? Má wulẹ̀ ronú kan mílíọ̀nù: 1,067 péré ti tó, bí wọ́n bá ṣáà ti ṣà wọ́n láìṣe ojúsàájú.

Èyí á yà ọ́ lẹ́nu: 1,067 yẹn náà ló tó fún Ilé-Ifẹ̀, òun náà ló tó fún gbogbo Nàìjíríà! Ẹni tó fẹ́ ra gààrí kì í jẹ odidi àpò kó tó mọ̀ bóyá ó kan. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó, ì báà jẹ́ àpò kékeré, ì báà jẹ́ àpò ńlá, bí ẹni tó ń tà á kò bá ti kó èyí tó dára sókè.

Ó dáa, ká ní o fẹ́ kí 3 yẹn dín kù sí ìdajì. Ṣé wàá bi ìlọ́po méjì èèyàn? Ó tì o! Ìlọ́po mẹ́rin ni, ìyẹn 4,268. Bó o bá sì fẹ́ kó di 1, ìlọ́po mẹ́sàn-án ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aṣèwádìí fi ń dúró sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, kí owó má baà tán lápò wọn.

Wàá ní Lágbájá ṣáà fi 4 ṣíwájú, 4 sì ju 3 lọ. Rọra o! Gbogbo ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ Lágbájá, ọwọ́ Tàmẹ̀dù ló ń bọ́ sí, torí náà àyè àṣìṣe ti ìṣíwájú jẹ́ 6, kì í ṣe 3. Bó bá jẹ́ 49 sí 51 ni, Lágbájá ti fi 2 wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 55 sí 45 ni, ó ti fi 10 ṣíwájú.

Ṣùgbọ́n má tètè kígbe pé ọ̀mì ni! Bó bá jẹ́ pé oríire ìṣàyàn nìkan ló lè dà á rú, ó tó ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ẹni tó ní 52 yìí á wà níwájú lóòótọ́. Àárín àyè yẹn ni òótọ́ sábà máa ń jókòó sí, kì í sábà dé ìkángun.

Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti pín èsì náà sí ọ̀dọ́ àti àgbà? Bí ọ̀dọ́ tí wọ́n bi bá jẹ́ 150 péré, àyè àṣìṣe tiwọn ti fò dé 8. 52 tiwọn lè jẹ́ 44, ó sì lè jẹ́ 60.

Ṣé o mọ̀ pé ó ní ìgbà tí 49 sí 55 náà kì í ká òótọ́ mọ́? Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 20, a máa retí pé kí nǹkan bí ọ̀kan jáde sódì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèrú.

Ẹ wá gbọ́ àrà! Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn “Literary Digest” ní Amẹ́ríkà gba èsì lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, ó sì ní Landon ló máa fìdí Roosevelt janlẹ̀ nínú ìbò ààrẹ. Nínú ìṣirò, àyè àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá 1. Àmọ́ Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48! Ìṣàyàn wọn ló ní ojúsàájú: inú ìwé tẹlifóònù àti ìwé orúkọ àwọn tó ní ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, àwọn tó dáhùn kò sì tó ìdámẹ́ta wọn.

Èyí tó kẹ́yìn ló dùn jù. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà fi èsì ìwádìí tó lé ní 4,000 wé ìbò tí wọ́n dì gan-an, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2018: àṣìṣe tòótọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ń kéde. Ìdí ni pé oríire ìṣàyàn nìkan ni 3 yẹn ń wọ̀n. Kò ka ẹni tó kọ̀ láti dáhùn, kò ka ẹni tó yí ọkàn padà, kò sì ka ẹni tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò. Nítorí náà, nígbàkigbà tó o bá rí 3, máa fi ojú 6 wò ó.