Aago Mélòó, Ní Ìlú Wo? Bí A Ṣe Ń Kọ Gbèdéke Sínú Ímeèlì

Ká ní ọ̀gá kan ní Níú Yọ́ọ̀kì kọ ímeèlì sí olùṣírò owó iléeṣẹ́ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, pé kó fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, ó pẹ́ tán ní 05/06. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ni ọ̀gá ní lọ́kàn. Ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù, nítorí náà ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni ará Èkó kà. Nǹkan bí oṣù kan ló wà láàárín méjèèjì, ọkàn àwọn méjèèjì sì balẹ̀. Ká ní 05/23 ni, kíá ni ará Èkó ì bá ti fura, torí kò sí oṣù kẹtàlélógún. Ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọ̀fìn náà wà.

Ẹ fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, kí ẹ sì fi orúkọ ọjọ́ tì í. Orúkọ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹlẹ́rìí ni. Lọ́dún 2026, Ọjọ́rú ni ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Ẹtì sì ni ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà. Bí ọ̀gá bá ti kọ Ọjọ́rú mọ́ ọn, ẹni tó ṣi déètì náà kà yóò rí i lórí kàlẹ́ńdà pé nǹkan ò bára mu. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 8601, tó jáde lọ́dún 1988, máa ń kọ ọ́ báyìí: `2026-05-06`. Ó dára púpọ̀ fún orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà sí èèyàn, orúkọ oṣù ni mo fara mọ́.

Ó wá ku aago. Bí wọ́n bá kọ “aago méjìlá òru Ọjọ́rú”, ṣé òru tí Ọjọ́rú fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí èyí tó fi parí? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kọ 23:59 dípò rẹ̀. Síbẹ̀, 23:59 ti Níú Yọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà, aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀ ku ìṣẹ́jú kan ni l'Ékòó. Ìdí nìyí tí ìlú fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aago, kí aago ẹni tí a ń kọ̀wé sí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú:

```
Wed 6 May 2026, 17:00 New York (UTC-4) = 22:00 Lagos (UTC+1)
```

UTC ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń ka aago; wákàtí kan ni Èkó fi ṣáájú rẹ̀, láti January títí dé December. Ti Níú Yọ́ọ̀kì kì í dúró sójú kan. Ìgbà òtútù nìkan ni EST, tó jẹ́ UTC-5, wà fún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń kọ EST yípo ọdún. Ẹni tó bá gbà á bó ṣe wà ní oṣù Karùn-ún yóò fi wákàtí kan pẹ́.

Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní aago mẹ́ta ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ìpàdé sí lóṣù Kejì: aago mẹ́rin ni l'Ékòó, aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Níú Yọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kẹta 2026, Amẹ́ríkà sún aago wọn síwájú, ìpàdé sì di aago mọ́kànlá fún wọn. Ó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà kí Lọ́ńdọ̀nù tó sún tiwọn. Níú Yọ́ọ̀kì padà sí aago mẹ́wàá, ìpàdé sì já sí aago mẹ́ta l'Ékòó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kan aago. Nítorí náà, ìlú kan ni kí ẹ so ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde pé aago ìlú yẹn lẹ ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà UTC nìkan kò tó fún ohun tó ṣì jìnnà, torí òfin lè yí padà: ní 2019 ni Bùràsíìlì fòpin sí sísún aago.

“Ọ̀la” náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Níú Yọ́ọ̀kì, Ọjọ́rú ló ń sọ. Ṣùgbọ́n aago kan òru Ọjọ́rú ti lù l'Ékòó, ẹni tó bá sì kà á láàárọ̀ yóò máa retí Ọjọ́bọ̀.

Bí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má kàn dáhùn pé ẹ ti rí i. Ẹ kọ gbèdéke náà padà sí ọ̀gá ní kíkún, ọjọ́, oṣù, ọdún, aago ìlú méjèèjì, kí ẹ sọ pé èyí lẹ óò fi ṣiṣẹ́ àyàfi bó bá tún un ṣe. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti tún ìlà kan ṣe ju kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n l'Ékòó kó tó jí sí ìbéèrè yín.