Àgò Lórí Aago: Ìkíni Ojúkojú, Ìkíni Orí Fóònù àti Ìdákẹ́jẹ́ Tó Wà Láàrin Wọn

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹfà ni. Aago méjì ti lù ní Hiúsítìn, aago mẹ́jọ alẹ́ sì ti lù ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí ó sì ti kọ́ èdè Yorùbá dé ibi tó jinlẹ̀, tẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láago. Ìpè náà kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ tí a ṣù jọ láti inú irú ìpè tó wọ́pọ̀ ni. Bí ó ṣe lọ nìyí:

Ìyá: Hẹ́lóò.
(Ìdákẹ́jẹ́.)
Ìyá: Hẹ́lóò?
Ọ̀dọ́bìnrin: Ẹ káàsán mà.
Ìyá: Ẹ káalẹ́ o.
(Ìdákẹ́jẹ́.)
Ọ̀dọ́bìnrin: Orúkọ mi ni Fọlákẹ́.
Ìyá: Fọlákẹ́ wo nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́?

Ọkàn ọ̀dọ́bìnrin náà bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, ìyá náà ń bínú pé ó pẹ́ kí òun tó pe òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi dákẹ́, tí ó sì ń fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àlejò lòun. Bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò bínú rárá. Kò tíì mọ ẹni tó ń pè é ni, ó sì ti fi èdè sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì kí ó tó béèrè. Ọmọ náà mọ gírámà, ó sì mọ ìkíni. Ohun tí kò mọ̀ ni irú ibi tí orí fóònù jẹ́.

Nínú ìpàdé ojúkojú, ojú ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, àgbà ti rí ọmọ, ọmọ ti rí àgbà, ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ kí "ẹ káàárọ̀" tó parí. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí, àgbà ló ń dáhùn, inú ìdáhùn náà sì ni orúkọ ti ń jáde. Èyí yẹ fún àfiyèsí, nítorí pé kì í ṣe ọmọ ló ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Àgbà ló ń fi orúkọ tàbí oríkì rẹ̀ dá a lóhùn: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Bí ẹnu bá tilẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ láàrin ìkíni méjì, ara kò dákẹ́. Orúnkún ṣì wà nílẹ̀, ọwọ́ àgbà ṣì wà ní èjìká ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò ka ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sí nǹkan.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ló máa ń mú ètò yìí, tí wọ́n á yọ ìkúnlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì ní ohun tó kù ni ìkíni orí fóònù. Àṣìṣe wà níbẹ̀. Ibi tí ó bá fóònù mu jù lọ nínú àṣà Yorùbá kì í ṣe àárín ilé tí èèyàn méjì ti ń wo ara wọn, bí kò ṣe ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé tí kò rí onílé kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti ìta. Ó máa ń ké sí i pé, "Àgò o!" Onílé á dáhùn pé, "Àgò yà." Bí kò bá mọ ohùn náà, á béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Àlejò á sọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni yóò wọlé, tí yóò kúnlẹ̀, tí ìkíni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ìlẹ̀kùn.

Èdè fúnra rẹ̀ ti rí ìjọra náà. Láti ìgbà tí tẹlifóònù ti dé, "tẹ ènìyàn láago" ni à ń pe iṣẹ́ yìí, bí ìgbà tí èèyàn tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Nínú ìmọ̀ nípa ìtàkùrọ̀sọ, Emanuel Schegloff kọ ọ́ ní ọdún 1968 pé dídún tí fóònù ń dún ni ìpè, pé "hẹ́lóò" tí ẹni tó gbé e kọ́kọ́ sọ sì jẹ́ ìdáhùn sí ìpè náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ "àgò" kò ní rí i bí ohun àjèjì. Dídún fóònù ni àgò. "Hẹ́lóò" ni àgò yà.

Ibí ni ìdààmú àkọ́kọ́ ti tú. Wọ́n ti kọ́ ọ̀dọ́bìnrin wa pé ọmọ ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Nígbà tí ó gbọ́ tí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rò pé òun ti pẹ́ jù, ó sì ń ronú ohun tí yóò fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n "hẹ́lóò" ìyá náà kì í ṣe ìkíni. Ìlẹ̀kùn ló ṣí. Ìkíni àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ ti ọmọ, ẹnu sì gbọ́dọ̀ yá síbẹ̀, nítorí pé lórí fóònù, ẹni tó dákẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìpè yẹn, ti ọmọ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìyá, òun ló sì yẹ ká dúró tì, nítorí pé oríṣi méjì tó jọra wọn gan-an ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ohùn tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì láti Tẹ́sáàsì dé Ìbàdàn kì í dé lójú ẹsẹ̀. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, dámọ̀ràn pé kí ìdádúró ohùn ní ọ̀nà kan má ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ kí ọ̀rọ̀ tó lè dùn-ún sọ, àti pé kí ó má kọjá 400. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 400, ọmọ ti kí, ìkíni rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, àgbà á tún ké "hẹ́lóò", ohùn méjèèjì á sì forí gbárí. Ìkíni Yorùbá tètè ń fara gba èyí, nítorí pé ìkíni àti ìdáhùn a máa wọnú ara wọn, ẹni kan ń wí "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta", ẹnì kejì ti ń wí "o o" kí ó tó parí. Ìdádúró ti ẹ̀rọ ní àmì: àgbà á gbé ohùn sókè, á tún "hẹ́lóò" wí, tàbí kí ó béèrè pé, "Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" Ohun tó yẹ ni kí ọmọ dúró díẹ̀ kí ohùn àgbà parí pátápátá, kí ó sì tún kí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ kejì jẹ́ ti ìdánimọ̀. Àgbà gbọ́ ohùn kedere, ṣùgbọ́n ó ń wá ẹni tó ni ín. Kò ní pariwo. Á dáhùn ìkíni, á fa "o" gùn díẹ̀, á sì dúró. Àmì tó dájú jù wà nínú arọ́pò-orúkọ. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò ní fi "ẹ" kí ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó bá mọ̀ pé òun ni. "Káalẹ́ o" ni yóò wí. Bí ó bá dáhùn pé "Ẹ káalẹ́ o", ohun tó ń sọ ni pé, "N kò tíì mọ̀ bóyá o dàgbà jù mí lọ, nítorí náà mo bọ̀wọ̀ fún ọ ná." Ìṣọ́ra ni, kì í ṣe ìbínú. Ẹni tó bá sì tẹ́tí lélẹ̀ á gbọ́ ibi tí "ẹ" ti di "o", ibẹ̀ náà sì ni oríkì ti máa ń jáde. Lójú ẹni tó ń kọ́ èdè, kò sí ibòmíràn tí ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" ti ń ṣiṣẹ́ tó báyìí lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ọmọ yóò wí, nígbà náà? Kì í ṣe "Orúkọ mi ni Fọlákẹ́." Gbólóhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ni. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé kò mọ̀ mí rí, ìdí sì nìyẹn tí ìyá náà fi béèrè pé, "Fọlákẹ́ wo?" Ẹni tó yẹ kí wọ́n mọ̀ máa ń fi "ni" gbé orúkọ rẹ̀ síwájú: "Fọlákẹ́ ni mà." Bí Fọlákẹ́ bá pọ̀ nínú ẹbí, kí ó so ó mọ́ ibì kan tàbí ènìyàn kan tí àgbà mọ̀: "Fọlákẹ́ ti Hiúsítìn ni mà." "Èmi ni mà" lásán tó lẹ́nu ọ̀nà bí ohùn bá ti mọ́ onílé lára. Lórí fóònù, ọmọ tó ń gbé inú ilé kan náà tàbí tó ń pè lójoojúmọ́ nìkan ló lè dán an wò.

Eléyìí ti wá ní ewu nínú. Láàrin ẹgbẹ́, eré ni "Ṣé o ò mọ̀ mí mọ́?", láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí àgbà sì rèé, ó ti le díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Wọ́n á pe àgbà, wọ́n á ní, "Ẹ ò mọ ohùn mi mọ́?" Àgbà á ní, "Àbí Fọlákẹ́ ni?" Wọ́n á ní, "Òun ni mà," ọ̀rọ̀ owó á sì tẹ̀ lé e. Àgbà fúnra rẹ̀ ló fún wọn ní orúkọ tí wọ́n fi jí i lówó. Nítorí náà ọmọ tó tètè sọ ẹni tí òun jẹ́ ń dáàbò bo àgbà, pẹ̀lú pé ó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹnikẹ́ni lè ní orúkọ tó ń hàn lójú fóònù alágbèéká ti yanjú gbogbo èyí. Lóòótọ́, ó ti mú kí àgbà máa fi "Àbẹ̀kẹ́!" gbé fóònù dípò "hẹ́lóò", tí ìdánimọ̀ sì ń ṣáájú ohun gbogbo bíi ti ojúkojú. Ṣùgbọ́n fóònù ni ó dárúkọ, kì í ṣe ẹni tó mú un dání. Ọmọ tó bá fi fóònù ìyá rẹ̀ pè lè gbọ́ kí àgbà máa kí i bí ìyá rẹ̀, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí tí kò kàn án. Kí ó yára wí pé, "Fọlákẹ́ ni mà, fóònù màámi ni mo fi pè yín."

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Àkókò ti àgbà ni a fi ń kí i, kì í ṣe ti ẹni tó pè. Wákàtí mẹ́fà ni Nàìjíríà fi ṣáájú Hiúsítìn nínú oṣù Kẹfà, méje sì ni nígbà òtútù. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti Hiúsítìn nínú oṣù Kẹfà jẹ́ aago márùn-ún ìdájí ní Ìbàdàn. Ìpè irú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí àgbà fo ìkíni, kí ó sì béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" Ẹ̀rù ikú ló wà nínú ìbéèrè náà. Bí ọmọ bá fi "Ẹ káàárọ̀ mà" dá a lóhùn, tí ó sì dákẹ́, ẹ̀rù náà á pọ̀ sí i ni. "Kò sí nǹkan mà, àlàáfíà ni" ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ìkíni tó tẹ̀ lé e.

Bí ìpè ọjọ́ Àìkú yẹn ì bá ti lọ rèé:

Ìyá: Hẹ́lóò.
Ọ̀dọ́bìnrin: Ẹ káalẹ́ mà. Mo kúnlẹ̀ mà.
Ìyá: Ẹ káalẹ́ o.
Ọ̀dọ́bìnrin: Fọlákẹ́ ti Hiúsítìn ni mà.
Ìyá: Háà! Àbẹ̀kẹ́! Káalẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?