Ọjọ́ Títà Ni Kí Ẹ Ti Kà Á Padà Sẹ́yìn
Ká ní ẹni méjì péré ló ń ṣe ìpara òrí n'Ìbàdàn, tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde nígbà Kérésì. Ìdánwò ló máa jẹ oṣù wọn jù. Ike tí wọ́n máa fi tà á gan-an ni kí wọ́n rọ ìpara sí, kí wọ́n gbé e síbi tó gbóná tó ìwọ̀n 40 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún oṣù 3. Bí omi bá yà kúrò lára òróró, tàbí òórùn rẹ̀ yí padà, ó di àtúnpò, ìdánwò sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ìdí nìyẹn tí oṣù kejì ọdún kò fi yá jù.

Ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC ṣì wà níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ lébẹ́ẹ̀lì kí nọ́ńbà wọn tó jáde.